Bí A Ṣe Ń Fìdí Ọ́dà Ọjà Tó Ń Yá Múlẹ̀, Tí Onídẹ́pò Á sì Máa Gbé Ìpín Wa Pamọ́ Lóṣooṣù

Orí yìí wà fún ẹni tó ń ta èlò oúnjẹ ní Adó-Èkìtì tàbí ní àwọn ìlú tó yí i ká, bíi Ìwòròkó, Ìyìn, Ìgèdè àti Àràmọ̀kọ́, tó sì ń gbé ọjà ní páálí-páálí lọ́wọ́ onídẹ́pò. Ẹ ti mọ ọjà tó ń yá nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ sì ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n tún gbé wá. Iṣẹ́ méjì ló kù. Èkíní ni kí ẹ fìdí ọ́dà náà múlẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni kò ní lè jiyàn sí i nígbà tí ọkọ̀ bá já ẹrù. Èkejì ni kí ẹ bá onídẹ́pò ṣe àdéhùn pé iye kan wà tó jẹ́ tiyín lóṣooṣù, tí kò ní tà fún ẹlòmíràn kí àsìkò yín tó pé.

Índómì la ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kì í tà á, ó ń tán lójijì, ó sì tún máa ń bàjẹ́ bí a bá kó o jọ pọ̀ jù. Bí ẹ bá ti lè ṣe é fún índómì, ọ̀nà kan náà lẹ ó gbà ṣe é fún sùpàgẹ́tì, mílíìkì oníṣáṣẹ́ẹ̀tì àti ọṣẹ ìfọṣọ.

Ìlànà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: iye ọjà la ń bẹ onídẹ́pò pé kó dì mú fún wa, a kì í bẹ̀ ẹ́ pé kó di owó rẹ̀ mú. Iye náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ohun tí ṣọ́ọ̀bù yín lè tà ní oṣù tí ọjà bá tutù jù lọ.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé àkọsílẹ̀ ọjà tó ní ohun tí ẹ tà fún oṣù mẹ́fà. Bí tiyín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi oṣù mẹ́ta ṣe ìgbésẹ̀ 1 sí 7, ṣùgbọ́n ẹ má tíì béèrè ìpín oṣooṣù.
- Rísíìtì mẹ́ta tó kẹ́yìn láti dẹ́pò náà, tí ọjọ́ tí ẹ béèrè àti ọjọ́ tí ọjà wọlé wà lára rẹ̀.
- Fóònù tó ní Wáásáàpù, àti nọ́ńbà onídẹ́pò fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan kò tó.
- Orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì tí ẹ ó máa sanwó sí, tí ẹ gbà lójúkojú, tí ẹ sì kọ sínú ìwé.
- Kàlẹ́ńdà tí ẹ ti fi àmì sí ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìdánwò àwọn ilé ìwé tó wà nítòsí yín, ọjọ́ tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń wọlé, àti àwọn ọjọ́ ọdún.
- Pákó tí páálí yóò máa dúró lé, àti máákà tí ẹ ó fi kọ ọjọ́ sí i lára.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ ka páálí tí ẹ kò tíì ṣí àti èyí tí ẹ ti ṣí. Ẹ fi ọwọ́ kàn án bí ẹ ti ń kà á. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Páálí òfìfo tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù kó sí ẹ̀yìn máa ń tan ojú jẹ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí yóò kọ́kọ́ parí wà níwájú. Bí ẹ bá rí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti súnmọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tó wà nílẹ̀, nítorí kò ní gbà yín lọ́jọ́ tí oníbàárà bá béèrè fún páálí odindi.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ iye tí ọjà náà ń tà ní tòótọ́

Kí a sọ pé ṣọ́ọ̀bù kan wà lójú ọ̀nà Ìwòròkó, nítòsí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé índómì tó tà láàárín oṣù mẹ́fà jẹ́ páálí 48, 52, 46, 50, 24 àti 30. Oṣù méjì tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé.

Ẹ tún oṣù kẹta wò dáadáa, èyí tó ní 46. Ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣí fún ọjọ́ 26 lóṣù, ṣùgbọ́n ní oṣù yẹn, índómì tán pátápátá fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyẹn ni pé ọjọ́ 22 péré ló fi ta páálí 46, tó sì ju méjì lọ lójúmọ́. Bí ọjà bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo, ì bá ta bíi 54. Oṣù tí ìwé ń pè ní oṣù tó tutù díẹ̀ gan-an ni oṣù tí ọjà yá jù lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọjà bá tán, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé “ó tán”. Ẹ má fi òdo síbẹ̀. Òdo ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò béèrè, bẹ́ẹ̀ wọ́n béèrè, ẹ kò ní lọ́wọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pinnu ibi tí ọjà gbọ́dọ̀ dé kí ẹ tó béèrè

Ẹ wo rísíìtì mẹ́ta yẹn, kí ẹ ka ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí ẹ béèrè àti ìgbà tí ọjà wọlé. Ẹ mú èyí tó pẹ́ jù lọ. Bí onídẹ́pò bá ní ọjà nílẹ̀ ní Adó, ó lè dé lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá ní i, ẹ ó dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ọ̀tà tàbí Èkó, tí yóò gba Akúrẹ́ tàbí Ìtáwùré wọlé, ojú ọ̀nà àti òjò ni yóò sì sọ ọjọ́ tí yóò dé.

Nínú àpẹẹrẹ wa, èyí tó pẹ́ jù gba ọjọ́ márùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù ń ta páálí méjì lójúmọ́ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, nítorí náà 2 lọ́nà 5 jẹ́ 10. Ẹ fi títà ọjọ́ méjì kún un fún ìdíwọ́, ìyẹn páálí mẹ́rin. Bí ó bá ti ku 14, ẹ béèrè. Ní àárín oṣù Òkúdù sí Ọ̀wàrà tí òjò máa ń rọ̀, ẹ lè sọ ọ́ di 16 tàbí 18. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sílé, ẹ tún un ṣírò, nítorí 14 yóò ti pọ̀ jù.

Iye tí ẹ ó béèrè ni èyí tí yóò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ 12 tí ṣọ́ọ̀bù ń ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́nà páálí méjì, jẹ́ 24.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́

Bí ẹ tilẹ̀ ti bá onídẹ́pò sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ tún un kọ. Ọ̀rọ̀ orí fóònù ló bẹ̀rẹ̀ ọ́dà, àkọsílẹ̀ ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Báyìí ni ẹ lè kọ ọ́; ₦10,000 tó wà níbẹ̀ kì í ṣe iye ọjà gan-an, a fi ṣe é kí ìṣirò lè rọrùn ni:

> Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́. Ọ́dà tí a jọ sọ lánàá ni mo ní kí n fìdí rẹ̀ múlẹ̀.
>
> Ọjà: índómì adìyẹ, gíráàmù 70, páálí ẹlẹ́yọ 40. Páálí 24.
>
> Iye: ₦10,000 páálí kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦240,000.
>
> Ọjọ́: Ọjọ́bọ̀, kí agogo 12 ọ̀sán tó lù, ní ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Ìwòròkó.
>
> Owó ọkọ̀ àti owó alábàárù: ó ti wà nínú iye yẹn.
>
> Ọjọ́ ìparí ara páálí: kó ṣẹ́ ku oṣù mẹ́ta, ó kéré tán.
>
> Sísanwó: ìdajì lónìí, ìdajì lẹ́yìn tí a bá ka ọjà tán.
>
> Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi lésì kí n lè fi ìdajì ránṣẹ́. Ẹ ṣé o.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Gíráàmù àti iye ẹyọ wà níbẹ̀ nítorí pé páálí méjì lè jọra lójú kí ohun inú wọn má dọ́gba. Ilé iṣẹ́ sì lè dín gíráàmù kù láì yí àwọ̀ páálí padà, tí ẹ ó máa san owó àtijọ́ fún ohun tó ti kéré sí i. Ìlà owó ọkọ̀ àti alábàárù wà níbẹ̀ nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀: awakọ̀ á ní wọn kò san fún òun, àwọn tó fẹ́ já ẹrù á sì dúró. Ìlà ọjọ́ ìparí wà nítorí pé ẹ lè ta ọjà tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n oníbàárà tó gbé odindi páálí lọ sílé lè fi oṣù kan tàbí méjì jẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dúró de èsì tó ṣeé gbára lé

“Ó dáa” kì í ṣe èsì. “Má dààmú, ọmọ mi” kì í ṣe èsì. Èsì tó ṣeé gbára lé ni èyí tó bá dárúkọ iye páálí, iye owó àti ọjọ́. Bí Màmá bá fi ohùn ránṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ padà: “Ẹ ṣé, Màmá. Mo gbọ́ pé páálí 24, ₦10,000, Ọjọ́bọ̀.” Kò ní bínú. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé yóò rántí pé 18 ló kù nílẹ̀, yóò sì sọ ọ́ fún yín nígbà tí ẹ ṣì lè rí mẹ́fà tó kù rà níbòmíràn.

Bí iye tàbí owó bá yí padà nínú èsì rẹ̀, ọ́dà tuntun ti dé nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má kàn fi “ó ti yé mi” dáhùn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ sanwó pẹ̀lú ìṣọ́ra

Ẹ tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tó wà nínú ìwé yín. Ẹ má tẹ èyí tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ díjíìtì mẹ́wàá, orúkọ ẹni tó ni ín yóò sì yọ lójú fóònù kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ kà á. Bí kì í bá ṣe orúkọ tí ẹ mọ̀, ẹ dúró.

Ìkìlọ̀: bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá dé láti nọ́ńbà onídẹ́pò pé “a ti yí àkáǹtì padà, ẹ sanwó sí èyí”, ẹ pe onídẹ́pò kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, tàbí kí ẹ dé dẹ́pò. Ọ̀pọ̀ Wáásáàpù ni àwọn gbájú-ẹ̀ ti gbà mọ́ olówó wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń fi kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀ bí ẹni pé òun ni. Ẹ má sì san ìdajì tó kù fún awakọ̀ àyàfi bí onídẹ́pò bá sọ ọ́ fún yín lẹ́nu ara rẹ̀.

Bí tiransífà bá há, tí owó ti kúrò nínú àkáǹtì yín tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ onídẹ́pò, ẹ má yára fi òmíràn ránṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó tuntun wọ́n tí gbogbo ènìyàn gbára lé tiransífà, ọ̀pọ̀ ìṣòwò ló há báyìí fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí onídẹ́pò, kí ẹ kàn sí báǹkì, kí ẹ sì bẹ onídẹ́pò pé kó bá yín gbé ọjà náà sílẹ̀ títí owó yóò fi wọlé tàbí tí yóò fi padà.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ka ọjà kí ọkọ̀ tó lọ

Ẹ jẹ́ kí wọ́n to páálí ní mẹ́rin-mẹ́rin sórí pákó, kí ẹ kà á lójú awakọ̀. Ẹ wo ọjọ́ ìparí lára páálí mẹ́ta tí ẹ fúnra yín mú láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹyọ kan, kó bá ti ọjà tó wà nílẹ̀ mu. Ẹ fọwọ́ kan ìdí páálí. Bó bá rọ̀, omi ti kàn án lójú ọ̀nà, bí òkè rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Páálí tí wọ́n ti fi téèpù tuntun lẹ̀, ẹ ṣí i kí ẹ ka ẹyọ inú rẹ̀.

Bí nǹkan kan bá dín tàbí tó bàjẹ́, ẹ kọ ọ́ sára wébílì kí ẹ tó fọwọ́ sí i: “Mo gba 23, ọ̀kan tutù, mo dá a padà.” Ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onídẹ́pò kí ọkọ̀ tó kúrò. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ló kù.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ lọ béèrè ìpín oṣooṣù

Ẹ má béèrè èyí lọ́jọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra. Ó kéré tán, kí ẹ ti ra ọjà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ẹ sanwó lọ́jọ́ tí ẹ dá. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ, ẹ mú ìwé yín dání, kí ẹ sì lọ nígbà tí ọkọ̀ ńlá kò já ẹrù lọ́wọ́, kí onídẹ́pò lè jókòó gbọ́ yín.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ti mọ iye tí ẹ fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ro oṣù tó dára pọ̀ mọ́ èyí tí kò dára, kí wọ́n sì béèrè iye àárín. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń fà. Oṣù mẹ́fà àpẹẹrẹ wa jẹ́ páálí 250 lápapọ̀, àárín rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 42 lóṣù. Bí ẹ bá gba 42 lóṣù tí ṣọ́ọ̀bù ta 24, páálí 18 yóò ṣẹ́ kù. Lóṣù tó tẹ̀ lé e tí ẹ ta 30, 12 mìíràn yóò tún kún un. Páálí 30 ti wà nílẹ̀ nìyẹn, ₦300,000 ti há sínú rẹ̀, ọjọ́ ìparí sì ń súnmọ́.

Oṣù tó tutù jù lọ ni 24. Ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ béèrè 20. Nígbà tí ọjà bá yá, ẹ ó máa fi ọ́dà lásán ra èyí tó kù, bí a ti ṣe láti ìgbésẹ̀ 3 sí 7. Ìpín oṣooṣù wà kí ṣọ́ọ̀bù má bàa ṣófo pátápátá lọ́jọ́ tí ọjà bá wọ́n. Kò wà láti rọ́pò gbogbo ohun tí ẹ ń rà.

Ohun tí onídẹ́pò yóò kọ́kọ́ sọ ni pé: “Ọmọ mi, bí mo bá gbé e sílẹ̀ tí o kò wá ńkọ́?” Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí owó òun náà ló há sínú ọjà tó gbé sílẹ̀. Ẹ má fi ìbúra dá a lóhùn. Ẹ ṣí ìwé, kí ẹ fi oṣù tó burú jù hàn án, kí ẹ ní: “Ẹ wò ó, Màmá. Lóṣù tí ọjà kú pátápátá, 24 ni mo tà. 20 ni mo ń bẹ̀ yín fún. Bí ọjọ́ márùn-ún bá kọjá tí n kò wá, ẹ tà á, n kò ní bínú.” Ó ti rí i pé ẹ̀rù rẹ̀ ní ìdáhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kan tí ẹ̀yin méjèèjì yóò fọwọ́ sí.

*Iye àti ọjọ́.* Páálí 20 lóṣù, ní ìdá méjì: 10 ní ọjọ́ 3, 10 ní ọjọ́ 17. Ìdá méjì dára ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí àyè ṣọ́ọ̀bù àti owó ọwọ́ yín. Ẹ má fi ọjọ́ sí ìparí oṣù, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń retí owó oṣù tí owó kò tíì yípo.

*Owó.* Iye tí dẹ́pò ń tà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e ni ẹ ó san, bó bá sì ti yí padà, kí wọ́n sọ fún yín ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó di owó mú fún oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí, epo bẹntiróòlù tó wà ní ìsàlẹ̀ ₦200 sì fò lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ láti Èkó tẹ̀ lé e lọ́gán. Onídẹ́pò tó bá ṣèlérí owó kan ṣoṣo nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì ló kù fún un: kó jẹ gbèsè, tàbí kó sọ pé ọjà ti tán. Èkejì ló máa ń yàn, ẹ̀yin ni ẹ ó sì pàdánù ọjà. Bí owó bá ń tẹ̀ lé ti ọjà, kò ní ìdí tí yóò fi gbé ìpín yín fún ẹlòmíràn.

*Ọjọ́ àfikún.* Bí ẹ kò bá gbé ìdá kan láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó lè tà á. Bí òun náà kò bá sì ní i nílẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ, kó sọ fún yín ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ lè rà á níbòmíràn.

*Ìdádúró.* Ẹ lè dá ìpín dúró fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ bá sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹni tó wà nítòsí ilé ìwé kò gbọ́dọ̀ fi èyí sílẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 2022 kò dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà. Oṣù mẹ́jọ kò ṣeé fi ìrètí dúró dè.

*Ìpààrọ̀.* Kó má fi adùn mìíràn tàbí gíráàmù mìíràn rọ́pò láì béèrè lọ́wọ́ yín. Ìtàkúrọ̀sọ kékeré ni lórí fóònù, ṣùgbọ́n índómì alálùbọ́sà 10 lè dúró nílẹ̀ fún oṣù méjì níbi tí wọ́n ti ń béèrè aládìyẹ.

*Àkókò.* Oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ jọ tún un wò.

Bí onídẹ́pò bá béèrè àsansílẹ̀, ẹ san ti ìdá kan, ìyẹn páálí 10, kí ẹ sì gba rísíìtì. Ẹ má san ti oṣù méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ nítorí ẹ̀dínwó kékeré. Bí iná bá jó dẹ́pò, bí olóko-òwò bá ṣàìsàn, tàbí bí àwọn gbèsè rẹ̀ bá pọ̀, rísíìtì yín kò ní di ọjà.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lóṣooṣù

Àdéhùn kò túmọ̀ sí pé kí ẹ sùn. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìdá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìlà kan ránṣẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìpín mi ti ọjọ́ 3 ń bọ̀, páálí 10. Ṣé ó wà, èló sì ni báyìí?” Èsì rẹ̀ ni ẹ ó fi ṣe ìgbésẹ̀ 5, 6 àti 7. Ẹ ka 10 yẹn mọ́ ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó fi ọ́dà lásán ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìkìlọ̀ nípa ibi ìkẹ́rùsí

Índómì máa ń fa òórùn. Bí ẹ bá to ó ti ọṣẹ ìfọṣọ, kẹrosíìnì tàbí oògùn ẹ̀fọn, oníbàárà yóò tọ́ òórùn náà wò lẹ́nu. Ẹ fi àyè gidi sí àárín wọn, ó sì sàn kí wọ́n wà ní yàrá ọ̀tọ̀. Ẹ má to páálí sílẹ̀ gbalasa tàbí kí ẹ fi í ti ògiri. Ẹ gbé e lórí pákó kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì lè rí ẹsẹ̀ eku. Ẹ má to o ga ju èjìká ẹni tí yóò máa gbé e sọ̀kalẹ̀. Páálí índómì fúyẹ́, nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń to o dé àjà, ṣùgbọ́n èyí tó wà nísàlẹ̀ yóò fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá, òkìtì náà sì lè wó lu ọmọdé. Bí ẹ bá ní kí ọlọ́kadà gbé e, ẹ má jẹ́ kó ju méjì lọ, kó sì dè é dáadáa.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ọ̀kan ni kí ẹ béèrè ìpín fún ọjà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan tàbí méjì. Bí ẹ bá kùnà lórí mẹ́wàá, onídẹ́pò kò ní tún gbé ọ̀kankan sílẹ̀ fún yín.

Èkejì ni kí ẹ gbé oṣù Ọ̀pẹ wọ inú ìṣirò. Títà ọdún Kérésì kì í padà wá ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ẹ ra ti ọdún lọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ kọ̀yìn sí dẹ́pò kejì nítorí pé ẹ ti ní àdéhùn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ máa ra díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Ọjà Ọba tàbí ibòmíràn, kí orúkọ yín má bàa ṣàjèjì lọ́jọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá ní kò sí.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá àdéhùn ń ṣiṣẹ́

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sínú ìwé: ìdá mélòó ló dé lọ́jọ́ rẹ̀, ọjọ́ mélòó ni índómì fi tán nílẹ̀, páálí mélòó ló kọjá oṣù kan láì tà. Bí ìdá méjì bá pẹ́ nínú mẹ́fà, ẹ bá onídẹ́pò sọ ọ́ kí àdéhùn oṣù mẹ́ta tó parí. Bí ọjà bá ń tán nígbà gbogbo tí ìpín sì ń wọlé déédéé, ìpín kò ní àléébù. Ibi tí ẹ ti ń béèrè ọ́dà lásán ló kéré jù, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3. Bí páálí bá ń pẹ́ nílẹ̀, ẹ dín ìpín kù sí 15 kí ẹ tó ronú àtifi í sílẹ̀. Bí onídẹ́pò bá sì ń pe yín ṣáájú ọjọ́ pé “ìpín rẹ ti wà nílẹ̀ o”, ẹ lè wá béèrè pé kó fi ọjà kejì kún un.